Kàlẹ́ńdà ilé wa: ẹni tó ń jáde ló ni àwọ̀

Ní Ọjọ́rú kan, èkejì ọmọ wa dúró sí ẹnu géètì ilé-ìwé fún ìṣẹ́jú 50 kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Olùkọ́ kan ló dúró tì í. Kì í ṣe pé a kò kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wà nínú kàlẹ́ńdà tí èmi àti ìyàwó mi jọ ń lò lórí fóònù, pẹ̀lú aago tó yẹ kí a lọ mú ọmọ. Ìyàwó mi ló kọ ọ́ síbẹ̀, èmi ni iṣẹ́ náà kàn. Nígbà tí àkókò tó, fóònù tirẹ̀ dún níbi tó ti ń ṣèpàdé. Ó wò ó, ó ní, "Dádì wọn ti gbọ́ nìyẹn," ó sì pa á. Tèmi kò dún rárá. Mo ti rí i nínú kàlẹ́ńdà láàárọ̀, mo sì ti gbà lọ́kàn pé yóò dún fún mi.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn la pinnu pé a máa tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, kí a tún un tò látìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí a ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo kọ sílẹ̀ yìí. Àwa márùn-ún la wà nínú ilé: èmi, ìyàwó mi, àwọn ọmọ méjì tí wọn kì í ṣíwọ́ ilé-ìwé ní aago kan náà, àti Màmá mi. Google Calendar la lò, torí pé àwa àgbàlagbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ní àkáǹtì Gmail tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ 1 sí 4: bébà ṣáájú fóònù

Mi ò fọwọ́ kan fóònù lọ́jọ́ kìíní. Mo pín bébà kan sí ọjọ́ méje, a sì kọ gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni ní láti jáde nílé láàárín ọ̀sẹ̀ kan: gbígbé àwọn ọmọ lọ sí ilé-ìwé àti mímú wọn bọ̀, iṣẹ́ tèmi, iṣẹ́ ìyàwó mi tí àkókò rẹ̀ máa ń yí padà, ṣọ́ọ̀ṣì, àti Jímọ̀ Màmá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ohun méjì péré ni mo ní kí a kọ: aago tí ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò nílé, àti ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kúrò. Nígbà tí a parí, mẹ́fà wà lórí bébà tí kò ní orúkọ kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyàwó mi rò pé tèmi ni, èmi náà rò pé tirẹ̀ ni. Mẹ́fà yẹn ló jẹ́ kí n mọ ibi tí ìṣòro wa wà gan-an. A ń kọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, a kì í kọ ẹni tó máa ṣe é.

Síbẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn nípa àwọ̀ ni ohun tó ń wá sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn: àwọ̀ ewé fún ilé-ìwé, búlúù fún iṣẹ́, elése àlùkò fún ìsìn. A fi ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ àwọn ọmọ kun bébà náà bẹ́ẹ̀, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, a sì lò ó fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó dára lójú, kò sì wúlò. Ní aago 6:00 àárọ̀, tí èèyàn bá rí àmì àwọ̀ ewé, ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àwọn ọmọ ń lọ sí ilé-ìwé. Ohun tí kò mọ̀ ni bóyá òun ni yóò gbé wọn. Ó di dandan kó súnmọ́ ọn kó kà á, bẹ́ẹ̀ nítorí kí a má baà máa kà á la ṣe fi àwọ̀ sí i.

Lọ́jọ́ kẹrin, a yí i padà. Àwọ̀ di ti ẹni tó ń jáde, kì í ṣe ti ohun tó ń jáde lọ ṣe. Búlúù tó dúdú di tèmi, àwọ̀ ìyeyè di ti ìyàwó mi, elése àlùkò di ti Màmá, àwọ̀ ewé di ti ibi tí gbogbo wa jọ ń lọ. Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù lọ ni pupa, tí a fún iṣẹ́ tí kò tíì ní ẹni tó máa ṣe é. Irú iṣẹ́ náà, yálà ilé-ìwé, iṣẹ́ tàbí ìsìn, di ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú àkọlé: "Ilé-ìwé: mú àbúrò (2:00)". Ojú á rí ẹni tó ni ín láti òkèèrè, ẹni tí iṣẹ́ kàn nìkan ló máa súnmọ́ ọn láti kà á.

Àkọ́bí wa ló tún sọ ohun tí a kò rò. Ó ní pupa àti àwọ̀ ewé orí bébà náà jọra lójú òun. Ọjọ́ yẹn la mọ̀ pé ojú rẹ̀ kì í fi ìyàtọ̀ sáàárín àwọn àwọ̀ méjèèjì dáadáa, ohun tó wọ́pọ̀ lára ọkùnrin ju obìnrin lọ. Ó ní elése àlùkò Màmá náà jọ búlúù mi. Mo gbé fóònù fún un, mo ní kó yan àwọn tó bá dá yàtọ̀ lójú rẹ̀. Àwọ̀ ewé kúrò, àwọ̀ eérú rọ́pò rẹ̀ fún gbogbo wa. Elése àlùkò kúrò, àwọ̀ sánmà tó mọ́ gan-an rọ́pò rẹ̀ fún Màmá. A tún pinnu pé iṣẹ́ tí kò lẹ́ni yóò ní àmì "?" níwájú àkọlé rẹ̀, kí ó má jẹ́ pé àwọ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ 5: ṣíṣe kàlẹ́ńdà náà

Orí kọ̀ǹpútà ni mo ti ṣe èyí, ní `calendar.google.com`. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ `Other calendars` ní apá òsì, àmì `+` wà. Mo tẹ̀ ẹ́, mo yan `Create new calendar`, mo fún un lórúkọ. Ìgbà márùn-ún ni mo ṣe bẹ́ẹ̀: Bàbá, Ìyá, Màmá, Gbogbo wa, Kò tíì lẹ́ni.

Ìdí tí mo fi ṣe márùn-ún dípò ẹyọ kan ni pé nínú Google Calendar, kàlẹ́ńdà kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ tirẹ̀, ó sì tún ní ìránnilétí tirẹ̀ lórí àkáǹtì ẹni kọ̀ọ̀kan. Tí gbogbo nǹkan bá wà nínú kàlẹ́ńdà kan ṣoṣo, mo lè kun iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tó wù mí, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ fún fóònù mi pé kó máa dún fún tèmi nìkan. Tí mo bá pín in sí márùn-ún, fóònù mi á máa dún fún Bàbá àti Gbogbo wa, ti Ìyá á kàn máa hàn láìdún. Tí a bá fẹ́ gbé iṣẹ́ kan fún ẹlòmíì, a ó gbé e láti kàlẹ́ńdà kan sí èkejì, àwọ̀ àti ìró yóò sì jọ tẹ̀ lé e lọ. Ìyẹn ni òpó tí gbogbo ilé yìí dúró lé.

Ohun kan wà tó yẹ kéèyàn mọ̀ níbí: àwọ̀ tí mo yàn fún kàlẹ́ńdà lójú tèmi kò di dandan fún ẹlòmíì. Ẹni kọ̀ọ̀kan ló ń yan àwọ̀ kàlẹ́ńdà lórí àkáǹtì tirẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ pín in, tèmi jẹ́ búlúù lọ́dọ̀ mi, ó sì jẹ́ àwọ̀ míì pátápátá lọ́dọ̀ ìyàwó mi. Mo ní láti jókòó ti fóònù kọ̀ọ̀kan, kí n sì yan àwọ̀ márààrún bákan náà lórí wọn.

Fún pípín, mo wọ `Settings and sharing` kàlẹ́ńdà kọ̀ọ̀kan, mo sì kọ íméèlì ìyàwó mi síbẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ `Make changes to events`, kó lè kọ, kó sì lè pa rẹ́. Màmá ní `See all event details`, ìyẹn ni pé wọ́n lè rí gbogbo rẹ̀ ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò ní ṣèèṣì pa nǹkan rẹ́. Ojú ibẹ̀ náà ni `Make available to public` wà. A kò fi ọwọ́ kàn án, mo sì rọ ẹnikẹ́ni pé kó má ṣe fi ọwọ́ kàn án. Kàlẹ́ńdà tó ń sọ aago tí ọmọ máa ń dúró lẹ́nu géètì àti aago tí ilé máa ń ṣófo kì í ṣe ohun tí gbogbo ayé ń rí.

Ẹni tí a pín in fún máa rí íméèlì gbà, ó sì gbọ́dọ̀ tẹ líǹkì inú rẹ̀ kí kàlẹ́ńdà náà tó wọlé sọ́dọ̀ rẹ̀. Màmá kì í ka íméèlì, nítorí náà, mo bá wọn ṣí i lórí fóònù wọn. Ti ìyàwó mi ló gbà wá lákòókò. iPhone ló ń lò, ó sì fẹ́ràn áàpù kàlẹ́ńdà tó bá fóònù náà wá. Ó tẹ líǹkì, ó rí gbogbo rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n fóònù rẹ̀ kò gbé ẹyọ kan jáde. Ojú-ewé kan wà tí a ti gbọ́dọ̀ sọ fún Google pé kàlẹ́ńdà wo ni kó máa fi ránṣẹ́ sí irú áàpù bẹ́ẹ̀:

```
https://calendar.google.com/calendar/syncselect
```

Ó máàkì márààrún níbẹ̀, ó tẹ `Save`, wọ́n sì yọjú. Lẹ́yìn èyí, a gbé áàpù Google Calendar sórí fóònù rẹ̀ fún dídún nìkan, a pa ìró ti èkejì, kí ohun kan má máa dún lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ 7: ìró

Ibí yìí ni mo ti lo àkókò jù, torí ibẹ̀ ni ọmọ wa ti jìyà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́rú yẹn kì í ṣe àbùkù fóònù. Bí Google Calendar ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: ìránnilétí jẹ́ ti ẹni tó ṣètò rẹ̀. Tí ìyàwó mi bá kọ iṣẹ́ sínú kàlẹ́ńdà tí a jọ ń lò, tó sì ní kó dún ní ìṣẹ́jú 30 ṣáájú, òun ló sọ fún fóònù tirẹ̀. Èmi á rí iṣẹ́ náà, mi ò ní gbọ́ ìró rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí kàlẹ́ńdà kan máa dún lọ́dọ̀ òun gbọ́dọ̀ wọ inú `Settings` ti àkáǹtì tirẹ̀, kó yan kàlẹ́ńdà náà, kó wá ibi tí wọ́n kọ `Event notifications` sí, kó sì fi `Add notification` kọ iye ìṣẹ́jú tó fẹ́. Ẹnìkan kò lè bá ẹnìkejì ṣe é láti ọ̀nà jíjìn. Àfi kí a gba fóònù lọ́wọ́ ara wa.

Lórí fóònù mi, Bàbá ń dún ní ìṣẹ́jú 20 ṣáájú, ó sì tún ń dún nígbà tí àkókò bá pé gan-an. Ti àkọ́kọ́ ń sọ pé kí n parí ohun tí mò ń ṣe. Ti kejì ń sọ pé kí n dìde. Tẹ́lẹ̀, mo fi ti wákàtí kan kún un. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin péré, ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n pa láì jẹ́ kí ojú mi kà á, mo sì yọ ọ́ kúrò. Ìró tí kò bá béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ èèyàn ń kọ́ etí láti di.

Lẹ́yìn náà la dán an wò. Mo kọ iṣẹ́ kan sínú Gbogbo wa tó máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30, a kó fóònù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì, a jókòó. Tèmi dún. Ti ìyàwó mi dún. Ti Màmá dákẹ́, bẹ́ẹ̀ ìṣètò wọn pé. Mo rí ohun méjì. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹnìkan ti pa àṣẹ ìfitónilétí áàpù náà nínú `Settings` fóònù fúnra rẹ̀. Èkejì ni pé ètò tó ń fi bátìrì pamọ́ kì í jẹ́ kí áàpù náà ṣiṣẹ́ tí wọ́n bá ti pa ojú fóònù. Mo tú méjèèjì sílẹ̀, a tún un dán wò pẹ̀lú ojú fóònù ní pípa, ó sì dún. Tí a bá dán an wò nígbà tí áàpù ṣì wà ní ṣíṣí lójú, a kò ní mọ̀ pé bátìrì ló fà á.

Ìránnilétí kàlẹ́ńdà kì í sì í ṣe áláàmù. Ó máa dún lẹ́ẹ̀kan, ó máa dákẹ́, tí fóònù bá sì wà ní ipò ìdákẹ́jẹ́ẹ́, kò ní dún rárá. Fún mímú ọmọ, ẹni tí iṣẹ́ kàn tún ń ṣètò áláàmù nínú áàpù aago fóònù rẹ̀ fún àwọn ọjọ́ ilé-ìwé. Ìyẹn máa ń dún fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú tí èèyàn kò bá fọwọ́ pa á.

Ọ̀sẹ̀ 2: aago wo la ń kọ?

Aago 2:00 ni ilé-ìwé àbúrò ń ṣíwọ́. Tẹ́lẹ̀, 2:00 la máa ń kọ. Ṣùgbọ́n 2:00 jẹ́ aago ọmọ, kì í ṣe aago ẹni tó ń lọ mú un. Fún ọ̀sán mẹ́wàá, mo kọ iye ìṣẹ́jú tí ọ̀nà gbà lọ́wọ́ mi. Èyí tó yá jù jẹ́ 18, èyí tó pẹ́ jù jẹ́ 36, ọ̀pọ̀ wọn sì wà láàárín 21 sí 27. Ìyàwó mi ní kí a lo 25. Èmi kọ̀, torí pé lọ́jọ́ tí ó bá di 36, ọmọ ló máa dúró. Ó sàn kí èmi dúró ní ìṣẹ́jú 15 lẹ́nu géètì ju kí òun dúró ní 10. A mú 40. Nítorí náà, iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ nínú kàlẹ́ńdà ní 1:20, ó parí ní 2:30, aago ìṣíwọ́ sì wà nínú àkọlé. Ìró àkọ́kọ́ dún ní 1:00.

A ṣètò rẹ̀ pé kó máa tún ara rẹ̀ ṣe láti Mọ́ńdè sí Tọ́sìdeè, torí pé Fúráìdeè ní aago tirẹ̀. A sì fún un ní ọjọ́ òpin. Tí a bá wo inú fáìlì kàlẹ́ńdà náà, ìlà tó ń sọ èyí rí báyìí:

```
RRULE:FREQ=WEEKLY;BYDAY=MO,TU,WE,TH;UNTIL=20261217T235959Z
```

`UNTIL` ni ọjọ́ òpin, 17 Oṣù Kejìlá 2026, tó bọ́ sí Tọ́sìdeè. Tí a kò bá fún un ní òpin, yóò máa dún jálẹ̀ ìsinmi, gbogbo wa yóò sì kọ́ láti máa pa á, títí ilé-ìwé yóò fi wọlé padà. Àwọn ọjọ́ ìsinmi àárín táàmù, a pa wọ́n rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú `This event`.

Mo ṣe àṣìṣe kan níbí. Ilé-ìwé sún ìṣíwọ́ sí 2:30, mo yí aago padà, wọ́n bi mí léèrè èyí tí mo fẹ́ yí, mo sì yan `All events`. Gbogbo ọ̀sán tó ti kọjá náà yí padà, àkọsílẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an sì sọnù. `This and following events` ló yẹ kí n yàn. Ó máa gé ìtòlẹ́sẹẹsẹ náà sí méjì, èyí tó ti kọjá á dúró bó ṣe wà.

Lọ́jọ́ tí a bá kàn fẹ́ pààrọ̀ iṣẹ́ fún ọjọ́ kan ṣoṣo, a kì í gbé ìtòlẹ́sẹẹsẹ kiri. A máa pa ti ọjọ́ yẹn rẹ́ nínú Bàbá, a ó sì kọ ọ́ tuntun sínú Ìyá. Ẹni tó ń gbà á ló ń kọ ọ́, kì í ṣe ẹni tó ń gbé e sílẹ̀. Títí ẹnìkejì yóò fi kọ ọ́, tèmi ni.

Ọ̀sẹ̀ 3: ìsìn

Ti iṣẹ́ kò gba àkókò. Ilé iṣẹ́ ìyàwó mi kì í jẹ́ kí wọ́n pín kàlẹ́ńdà wọn síta, nítorí náà, ó kàn ń kọ "Iṣẹ́" pẹ̀lú aago ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin nígbà tí wọ́n bá pín àkókò fún wọn.

Ìsìn ló gba ọgbọ́n. Ti Sọ́ńdè rọrùn: ìsìn bẹ̀rẹ̀ ní 8:00, a gbọ́dọ̀ kúrò nílé ní 7:30, ó wà nínú Gbogbo wa. Ìyàwó mi wà nínú ẹgbẹ́ akọrin tó ń péjọ ní 7:15, nítorí náà, tirẹ̀ dá wà nínú Ìyá. Ìṣọ́ òru ló dá mi dúró. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni, gbogbo wa sì ń pè é ní ti Fúráìdeè àkọ́kọ́. Mo yan kó máa tún ara rẹ̀ ṣe ní Fúráìdeè àkọ́kọ́ oṣù kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó mi wò ó, ó ní, "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o. Fúráìdeè tó ṣáájú Sọ́ńdè àkọ́kọ́ ni." Ọ̀pọ̀ oṣù ni méjèèjì máa ń bọ́ sí ọjọ́ kan náà, ìdí nìyẹn tí a kò fi mọ ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n 1 Oṣù Kẹjọ 2026 jẹ́ Sátidé. Fúráìdeè àkọ́kọ́ inú oṣù náà jẹ́ 7, bẹ́ẹ̀ Sọ́ńdè àkọ́kọ́ jẹ́ 2, Fúráìdeè tó ṣáájú rẹ̀ sì jẹ́ 31 Oṣù Keje. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni kàlẹ́ńdà ìbá fi pẹ́. Oṣù tó bá bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé tàbí Sọ́ńdè ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ibi tí a ti lè yan irú àtúnṣe yìí, nítorí náà, a fi ọwọ́ kọ méjèèjìlá ọdún sínú rẹ̀.

Mo tún kọ ọ́ láti 10:00 alẹ́ Fúráìdeè dé 4:00 ìdájí Sátidé, dípò kí n fi sí ọjọ́ kan. Ó hàn lórí ọjọ́ méjèèjì, a sì rí i kedere pé ẹni tó bá lọ kò yẹ kó tún wa ọkọ̀ láàárọ̀ Sátidé.

Ti Màmá yàtọ̀ sí tiwa. Ọdún Iléyá àti Ọdún Ààwẹ̀, mo kọ́kọ́ fi wọ́n sí `Annually`, wọ́n sì ní kí n yọ wọ́n. Òṣùpá ni wọ́n ń tẹ̀ lé, ọdún wọn kúrú tó ọjọ́ 11 sí ti kàlẹ́ńdà wa, nítorí náà, wọn kì í bọ́ sí ọjọ́ kan náà lọ́dún méjì. A ń kọ ti ọdún kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, pẹ̀lú "?" níwájú rẹ̀ títí wọ́n á fi kéde pé òṣùpá ti yọ.

Ti Jímọ̀ ló wá fi hàn mí pé ìlànà àwọ̀ yìí ń ṣiṣẹ́. Ní Fúráìdeè, àbúrò ń ṣíwọ́ ní 1:00. Yọ ìṣẹ́jú 40 kúrò, ó di 12:20. Mo kọ ọ́ sínú Bàbá. Mọ́ṣáláṣí Màmá ń bẹ̀rẹ̀ wáàsí ní 1:15, ìṣẹ́jú 20 ni ọ̀nà ibẹ̀, wọ́n sì fẹ́ tètè dé. 12:20 náà ni mo ti máa ń gbé wọn. Mo kọ ìyẹn náà sínú Bàbá. Búlúù méjì bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní aago kan náà, èèyàn kan sì ni mí. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, mo ti ń fi eré sísá bo èyí mọ́lẹ̀, ọmọ ń dúró lọ́jọ́ Fúráìdeè, mo sì ń pè é ní sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀. Pẹ̀lú àwọ̀ irú-iṣẹ́ tí a kọ́kọ́ lò, ọ̀kan ìbá jẹ́ àwọ̀ ewé, èkejì ìbá jẹ́ elése àlùkò, kò sì sẹ́ni tó máa fura.

Mo béèrè lọ́wọ́ Màmá bóyá wọ́n lè jáde kí ó tó di 12:00. Wọ́n ní, "Ṣé mo ti sọ fún ọ rí pé mi ò fẹ́ tètè dé ni? Màá jókòó, màá máa ka Àlùkùránì mi." A wá kọ ọ́ báyìí: kúrò nílé ní 11:55, Màmá dé mọ́ṣáláṣí ní 12:15, mo kọjá sí ilé-ìwé, ibi tí ọ̀nà tó pẹ́ jù láti ibẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 35, mo dé ní 12:50. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló di nínú Bàbá, láti 11:55 sí 1:45, pẹ̀lú àkọlé tó dárúkọ méjèèjì. Màmá ní tiwọn nínú Màmá, tó ń dún lórí fóònù wọn ní 11:30.

Ọ̀sẹ̀ 4 sí 6

Ohun kan ṣì ń jẹ mí lọ́kàn: tí ẹni tí iṣẹ́ kàn bá gbọ́, tó sì dìde, ṣùgbọ́n tí nǹkan ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà ńkọ́? Mo fi iṣẹ́ kékeré kan kún Gbogbo wa ní 3:10 ọ̀sán ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan, nígbà tó yẹ kí ọmọ ti wọlé: "Ilé-ìwé: ṣé ó ti wọlé?" Ó ń dún lórí fóònù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tí ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ á kọ "ó ti wọlé" ránṣẹ́ sí àwọn yòókù. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, táyà mi jò lójú ọ̀nà. Mo wà lábẹ́ ọkọ̀, fóònù wà lórí ìjókòó. Kò sí èsì kankan láti ọ̀dọ̀ mi, nítorí náà, ìyàwó mi pe ilé-ìwé, wọ́n mú ọmọ wọ inú ọ́fíìsì, ó sì bá àwọn olùkọ́ jókòó títí mo fi dé. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n ó wà níbi tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ti ń wò ó.

Ní alẹ́ Sọ́ńdè, èmi àti ìyàwó mi ń lo bí ìṣẹ́jú 15 lórí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. A kì í ka gbogbo rẹ̀. Pupa nìkan la ń wá, a sì ń gbé e lọ́kọ̀ọ̀kan sínú Bàbá tàbí Ìyá títí kò fi ní sí pupa mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, pupa jẹ́ mẹ́fà. Lálẹ́ àná, ó ku ẹyọ kan, ìpàdé àwọn òbí ní Tọ́sìdeè ní aago 4:00. Ìyàwó mi ń dúró kí wọ́n pín àkókò iṣẹ́ fún wọn lọ́la. Tí kò bá sí láyè, màá sọ ọ́ di búlúù.